Òjìji kì í bá ọjà kéré lórí ògiri

"Bọ̀ọ̀dá, mo ti fa òjìji náà kéré bí ike náà ṣe kéré, síbẹ̀ ojú mi ò gbà á."

Ọmọ iṣẹ́ mi ló sọ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Panṣẹ́kẹ́, níbi tí a ti ń tún fọ́tò ọjà ṣe. Ojú rẹ̀ ò tàn án. Ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ ló ṣì í lọ́nà: pé tí a bá yọ ọjà gíga kúrò nínú fọ́tò, tí a fi èyí tó kúrú rọ́pò rẹ̀, ká kàn fún òjìji àtijọ́ pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, iṣẹ́ ti parí. Èmi náà ti ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí n tó jókòó wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn.

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò ọjọ́ náà. Màmá kan tó ń ṣe ìpara ló ni ín. A ya á ní pálọ̀ wọn ní Òkè-Ìlewó, oòrùn àárọ̀ ń gba fèrèsé ọwọ́ òsì wọlé. Lórí pẹpẹ onípákó kan, ìkòkò amọ̀ kékeré tó ga ní 15 sẹ̀ǹtímítà wà lápá kan, ike ìpara funfun tó ga ní 22 wà lápá kejì. Àwọn méjèèjì jìnnà sí ògiri ní 10 sẹ̀ǹtímítà. Nígbà tó yá, màmá ní kí a yọ ike ìpara kúrò, kí a fi ike òrí rọ́pò rẹ̀. Ike òrí ò ga ju 9 lọ.

Ìgbàgbọ́ yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Tó bá jẹ́ orí tábìlì gbalasa ni òjìji náà nà sí, òótọ́ ni: ohun tó ga ìdajì yóò ní òjìji tó gùn ní ìdajì. Ibi tó ti ń já wa kulẹ̀ ni orí pẹpẹ, torí pé níbẹ̀ òjìji á kọ́kọ́ sùn sórí pákó, lẹ́yìn náà á kan ògiri, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún lọ sókè.

Ẹ ronú nípa ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó kan orí ike náà gan-an. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sí ògiri. Kò mọ̀ bóyá ike gíga ló fara kàn tàbí ike kúkúrú. Bí ọ̀nà tó máa rìn dé ògiri ṣe gùn tó nìkan ló ń pinnu bó ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ tó. Nítorí náà, gbogbo ohun tó bá jìnnà sí ògiri bákan náà ni orí òjìji wọn máa ń fi iye kan náà rẹlẹ̀ sí orí wọn. Iye náà ni a máa ń yọ. A kì í pín in.

Ìkòkò tí a ò fọwọ́ kàn ló sọ iye yẹn fún wa. Ó ga ní 15, orí òjìji rẹ̀ lára ògiri sì wà ní 11 sókè pákó. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní 4 nìyẹn, ó sì yẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún ní 6. Ike ìpara náà jẹ́rìí sí i: 22 ni gíga rẹ̀, òjìji rẹ̀ dé 18. Ike òrí wá ńkọ́? Mẹ́sàn-án yọ mẹ́rin, márùn-ún ló kù. Òjìji rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ní 5 sẹ̀ǹtímítà sókè pákó, kó sì yẹ̀ sí ọ̀tún ní 6 bí ti ìkòkò. Nínú fọ́tò yẹn, 40 píksẹ́lì ni sẹ̀ǹtímítà kan, èyí já sí pé ike náà á ga ní 360 píksẹ́lì, òjìji rẹ̀ á dé 200.

Òjìji tí ọmọ iṣẹ́ mi fún pọ̀ dé nǹkan bíi 7.4, ìyẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti di 2.5. Ẹ wo ohun tí òjìji yẹn ń sọ: ó ń sọ pé ike náà ti sún mọ́ ògiri, pé kò jìnnà sí i ju nǹkan bíi 4 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ṣùgbọ́n ìdí ike náà ṣì wà níwájú, lójú ibi tí ti àtijọ́ dúró sí. Ohun kan ò lè dúró síbi méjì. Oníbàárà lè má mọ orúkọ àṣìṣe náà, àmọ́ ọkàn rẹ̀ á ti kọ fọ́tò yẹn. Àní, tó bá jẹ́ agolo róbù tó ga ní 3 sẹ̀ǹtímítà ni màmá gbé wá, òjìji rẹ̀ ò ní kan ògiri rárá, orí pákó ló máa parí sí.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn Drop Shadow, òjìji àdáṣe inú ètò ìtúnfọ́tòṣe tí a kàn ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò mọ̀ pé ògiri wà, kò sì mọ̀ pé pákó wà.

Àwọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Òjìji kì í ṣe dúdú. Ní ibi tí oòrùn kan lára ògiri yẹn, mo ka pupa (R) 230, àwọ̀ ewé (G) 215, búlúù (B) 190. Nínú òjìji ìkòkò, 130, 128, 125. Mo fi àwọ̀ ògiri pín àwọ̀ òjìji, mo sì sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìgbà 255, iye tó ga jù tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní:

```
R: 130 / 230 × 255 = 144
G: 128 / 215 × 255 = 152
B: 125 / 190 × 255 = 168
```

Àwọ̀ tó jáde fẹ́ fara jọ aró tó ti ṣá, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló kù níbi tí oòrùn ò dé. Mo fi kun léyà òjìji, mo yí léyà náà sí Multiply, tó ń fi àwọ̀ rẹ̀ sọ àwọ̀ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ di púpọ̀, àwọ̀ kan náà sì bá ògiri àti pákó mu láìjẹ́ pé mo tún un ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń lọ sí ìdí ike, kí n sún fọ́tò mọ́ ojú dáadáa. Ibi tí ike ti fara kan pákó gbọ́dọ̀ ní ìlà tín-ín-rín kan tó ṣókùnkùn ju ibi yòókù lọ, tó sì mú ṣáṣá. Tí kò bá sí níbẹ̀, ike á dà bí ohun tó ń léfòó. Bí òjìji bá ṣe ń jìnnà sí ìdí yẹn ni etí rẹ̀ ń rọ̀, torí náà mi kì í fi Gaussian Blur kan ṣoṣo bo gbogbo rẹ̀.

Ojúlówó ìyà iṣẹ́ yìí wà nínú pípa òjìji àtijọ́ rẹ́, nítorí pé ike gíga fi ibi púpọ̀ sílẹ̀ tí ike kúkúrú ò lè bò. Tí ẹ bá ṣì wà níbi tí ẹ ti ń ya fọ́tò, ẹ kó gbogbo ọjà kúrò, ẹ má sún kámẹ́rà, ẹ ya pẹpẹ òfìfo lẹ́ẹ̀kan. Fọ́tò kan yẹn á gbà yín lọ́wọ́ wákàtí méjì pẹ̀lú Clone Stamp.

Tó bá jẹ́ gílóòbù tó wà nítòsí ló ń tan ìmọ́lẹ̀, ìṣirò yìí ò ní ṣiṣẹ́, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tàn káàkiri, òjìji ara ògiri sì máa ń tóbi ju ohun tó ni ín lọ. Níbẹ̀, páálí tí mo gé sí gíga ike tuntun ni mo máa ń gbé síbi tí ó máa dúró sí, màá sì ya òjìji rẹ̀ lábẹ́ iná náà gan-an.