Fulóṣáàtì tó dé Dúró lè má tọ̀nà síbẹ̀

Ní Kubwa níbí tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í yé sọ fún mi bí wọ́n bá ti ya fulóṣáàtì wọn tán, ìyẹn àwòrán àpótí àti ọfà tó ń fi ìgbésẹ̀ iṣẹ́ hàn: "Bọ̀ọ̀dá, mo ti fi ìka tẹ̀ lé e láti Bẹ̀rẹ̀, ó gbé mi dé Dúró. Ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn." Kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan o. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tí wọ́n ń gba owó iṣẹ́ lórí ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá dé Dúró lẹ́ẹ̀kan, ohun tó fi hàn ni pé ọ̀nà kan là. Kò sọ nǹkan kan nípa àwọn ọ̀nà tó kù, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe máa ń sá sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ POS, torí mélòó ló ń gbé Abuja tí kò tíì tò síwájú ẹ̀ rí? Oníbàárà fẹ́ gba owó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fún un láti tẹ PIN. `iye` ni òǹkà ìgbà tó ti ṣì í tẹ̀. Mo fi nọ́ńbà sí àwọn àpótí náà kó lè rọrùn láti tọ́ka sí wọn:

```
1   Bẹ̀rẹ̀              -> 2
2   iye = 0            -> 3
3   Gba PIN            -> 4
4   PIN tọ̀nà?   Bẹ́ẹ̀ni -> 5   Rárá -> 7
5   Owó tó?     Bẹ́ẹ̀ni -> 6
6   San owó            -> 10
7   iye = iye + 1      -> 8
8   iye = 3?    Bẹ́ẹ̀ni -> 9   Rárá -> 2
9   Ti káàdì pa
10  Dúró
```

Ẹni tó yà á tẹ PIN tó tọ̀nà, owó sì wà nínú àkáùntì: 1, 2, 3, 4, 5, 6, 10. Inú ẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn dáyámọ́ńdì: 4, 5 àti 8. Ìbéèrè ni dáyámọ́ńdì kọ̀ọ̀kan ń bi wá, Bẹ́ẹ̀ni àti Rárá sì gbọ́dọ̀ ní ọfà tiwọn níbẹ̀. Ọfà mẹ́fà ló yẹ kó jáde lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjì péré ni ìka ẹ̀ gbà kọjá.

Ọfà kan tiẹ̀ sọnù pátápátá. Tí owó inú àkáùntì kò bá tó, kí la máa ṣe ní àpótí 5? Àwòrán dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di kóòdù á kàn méfò ni, ìméfò ẹ̀ sì lè jẹ́ pé kó fò sórí àpótí tó kàn, ìyẹn "San owó". Ní àpótí 9, a ti ti káàdì pa, kò sì sí ọfà kankan tó jáde níbẹ̀. Òpópónà tó di ni.

Ó rọrùn láti rí irú àṣìṣe méjì yìí láìfi nǹkan kan dán an wò. Bẹ̀rẹ̀ láti Dúró, kí o máa bá ọfà padà sẹ́yìn. Gbogbo àpótí tí o bá lè padà dé, fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Èyí tí kò bá ní àmì nígbà tí o bá parí, ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kò lè dé Dúró láéláé. Nínú àwòrán wa, àpótí 9 nìkan ló máa ṣẹ́ kù láìní àmì. Lẹ́yìn ìyẹn, ka ọfà tó jáde lára dáyámọ́ńdì kọ̀ọ̀kan, wàá rí i pé ti 5 kò pé. Iṣẹ́ tán.

Èyí tó ń bí mi nínú ni lúùpù, ìyẹn ibi tí ọfà ti ń padà sẹ́yìn kí a lè tún ìgbésẹ̀ kan náà ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí lúùpù bá ṣáà ti ní ọfà tó jáde, kò lè máa yí lọ títí. Ẹ wo àpótí 8. Ọfà Bẹ́ẹ̀ni jáde níbẹ̀ gbangba. Tí a bá tún àpótí 9 ṣe, tí ọfà ẹ̀ lọ sí Dúró, àmì pẹ́ńsù máa wà lórí gbogbo àpótí. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa gba ọfà Bẹ́ẹ̀ni yẹn jáde láé. Ẹ jẹ́ ká tẹ PIN tí kò tọ̀nà, ká sì máa kọ `iye` sílẹ̀ bí a ṣe ń lọ. Ní àpótí 2 ó jẹ́ 0. Ní 7 ó di 1. Ní 8, ṣé 1 jẹ́ 3? Rárá, padà sí 2. Àpótí 2 sì tún sọ ọ́ di 0. A tún tẹ PIN, ó di 1, ó padà di 0. Kò ní di 2 láé, ká tó wá sọ 3. Ọfà Rárá ló lọ síbi tí kò yẹ: 3 ló yẹ kó padà sí.

Kódà ẹni tó bá rántí dán PIN burúkú wò lè má rí i. Tí o bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí o sì tẹ èyí tó tọ̀nà lẹ́ẹ̀kejì, wàá dé Dúró wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí o ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àyàfi kí o ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí o wá rí i pé a kò ti káàdì pa. Olè ló máa jẹ èrè ẹ̀. PIN onínọ́ńbà mẹ́rin, láti 0000 dé 9999, jẹ́ 10,000. Bí kò bá sóhun tó dá a dúró, á máa dán an wò títí yóò fi bọ́ sí i.

Nítorí náà, fún lúùpù kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́ta ni mo máa ń bi ẹni tó yà á. Kí ni ìbéèrè tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde ń wò? Àpótí wo nínú lúùpù ló ń yí i padà? Ṣé ó máa bá ìdáhùn náà ṣe gẹ́ẹ́, àbí ó lè fò ó kọjá? Ìbéèrè kẹta yẹn kò yé ọmọ kan nínú kíláàsì mi títí a fi ya fulóṣáàtì sísan gbèsè. Ẹnì kan jẹ 10,000 náírà, ó ń san 3,000 lóṣooṣù, dáyámọ́ńdì sì ń béèrè pé `gbèsè = 0?` A kọ ọ́ sójú pátákó: 7,000, 4,000, 1,000, lẹ́yìn náà −2,000. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ti fò ó!" Ó fò ó lóòótọ́, á sì máa san gbèsè tí kò jẹ títí ayé. `gbèsè <= 0?` ló ń fẹ́.

Má retí pé ẹnì kan máa ṣe ohun èlò tó lè dá gbogbo lúùpù tí kì í parí mọ̀ fún ọ. Lọ́dún 1936 ni Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ẹ̀rí hàn pé kò sí ìlànà kan ṣoṣo tó lè sọ, fún gbogbo ètò iṣẹ́ tí èèyàn lè kọ, bóyá ó máa dúró àbí kò ní dúró. Àmọ́ fún irú àwòrán tiwa yìí, pẹ́ńsù àti ìwé tó.

Ohun kan wà tí pẹ́ńsù kò ní rí, ìyẹn dáyámọ́ńdì tí wọn kò yà rárá. Àpótí 6 sọ pé "San owó", ó sì lọ tààrà sí Dúró, bí ẹni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í já ní Nyanya. Gbogbo wa la mọ ọjọ́ tí wọ́n yọ owó lákàáùntì, tí oní-POS ń sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn àpótí 6, ó yẹ kí ìbéèrè kan wà: "Ìdáhùn dé láti báńkì?" Tó bá jẹ́ Rárá, kò gbọdọ̀ padà sí 6, torí ó lè yọ owó náà lẹ́ẹ̀kejì. Kó lọ béèrè lọ́wọ́ báńkì bóyá ti àkọ́kọ́ wọlé ni, kó dúró díẹ̀, kó tún béèrè. Lúùpù tuntun nìyẹn. Ó nílò òǹkà tiẹ̀, àpótí tó ń sọ òǹkà náà di 0 gbọ́dọ̀ wà níta lúùpù, nígbà tí òǹkà bá sì kún, kí ọfà kan gbé oníbàárà lọ síbi tí wọ́n ti máa tẹ ìwé fún un pé a kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ owó ẹ̀ já sí.