Mímọ ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ló ń jẹ́ kí àyọkà yéni

Wọ́n tún ti ń sọ ọ́ fáwọn òbí tó ń tọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù: “Ẹ ra ìwé atúmọ̀ èdè fún ọmọ yín. Bó bá ti mọ ọ̀rọ̀, àyọkà á yé e.” Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ká yé sọ ọ́.

Ẹ wo èyí: “Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì bá Aláàfin sọ̀rọ̀ títí, ó fi àáké kọ́rí. Nígbà tó yá, Baṣọ̀run ní kó ṣígbá wò. Kò pẹ́ tí ọba fi wàjà.” Ọmọ náà mọ àáké, ó mọ orí, ó mọ igbá àti àjà. Ó lè sọ fún yín pé ọba gbé àáké lérí, wọ́n gbóúnjẹ wá fún un, ló bá wọ àjà lọ sùn. Ìtàn náà dọ́gba lójú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ní béèrè nǹkan kan.

Lọ́dún 1979, àwọn olùwádìí kan fún àwọn ará Íńdíà àti àwọn ará Amẹ́ríkà ní lẹ́tà méjì kà, ọ̀kan lórí ìgbéyàwó Íńdíà, èkejì lórí ti Amẹ́ríkà. Kálukú tètè ka ti ilẹ̀ rẹ̀, ó sì rántí rẹ̀ jù. Nínú ti Amẹ́ríkà, ìyàwó wọ aṣọ ìyá-ìyá rẹ̀. Ará Íńdíà kan ní aṣọ náà ti gbó, kò bágbà mu mọ́. Ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Àṣà pé ìyàwó máa ń wọ ohun àtijọ́ ni kò mọ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè wo ló fẹ́ sọ ìyẹn fún un?

Lóòótọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣì ń dá dúró ní gbogbo ìlà, kó kọ́ ọ̀rọ̀ ná.

Fún àkànlò èdè, ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ní Yorùbá tó rọrùn: “fi àáké kọ́rí: kọ̀ jálẹ̀.” Ó tán. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá kọ “kú” síwájú “ṣígbá wò”, ọmọ á máa rò ó pé báwo ni igbá ṣe ń pa ọba. Èyí ń fẹ́ àlàyé kó tó kàwé rárá: Ọ̀yọ́ Mèsì jẹ́ ìjòyè méje, Baṣọ̀run ni olórí wọn, láyé àtijọ́, bí wọ́n bá kọ ọba, wọ́n á gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹ ránṣẹ́ sí i, ọba tó bá gbà á gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ibi méjì tàbí mẹ́ta tí ìtàn rọ̀ mọ́ ni kẹ́ ẹ ṣe báyìí fún. Ẹ má kó ogún àkànlò èdè lé ọmọ lórí.

Bó bá kà á tán, ẹ má bi í pé ṣé ó yé e, torí bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ. Ẹ má sì bi í pé kí ni Baṣọ̀run ní kí ọba ṣe, torí á kàn da ìlà náà kọ. Ẹ bi í pé: kí ló pa ọba? Bó bá ní àìsàn ni, ẹ padà sórí àlàyé igbá, kó tún un kà.