Kọfí Kì Í Ṣe Àgbo

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí iná mànàmáná kò bá sí, tí a fẹ́ fi gáàsì tàbí sítóòfù se kọfí lílọ̀, àfi ká dà á sínú ìkòkò kó máa hó títí, torí bó bá ṣe pẹ́ lórí iná tó ni yóò ṣe le tó. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin a gbé e kaná bí ẹni ń se àgbo, a dúdú bí èédú, a sì korò débi pé ṣúgà kì í ràn án. Ìkorò yẹn là ń pè ní agbára.

Kì í ṣe agbára rárá. Kaféènì tó ń lani lójú kì í pẹ́ jáde: kí omi gbígbóná tó bá kọfí gbé fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti bọ́ sínú omi. Adùn rẹ̀ náà tètè ń jáde. Ohun tó korò, tó ń há ni lọ́fun, ló ń kẹ́yìn. Bí ó bá wá ń hó lọ, ìkorò là ń fi kún un, òórùn dídùn rẹ̀ sì ń bá oru lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó le, kọfí ni kó bù kún un.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, mo ṣe é lọ́nà méjì fún ẹ̀gbọ́n mi. Omi 250 mílílítà àti kọfí gíráàmù 15, bíi ṣíbí ìjẹun méjì tó kún, ni mo lò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò kìíní hó fún ìṣẹ́jú 10. Fún èkejì, mo jẹ́ kí omi hó nínú kẹ́tùlù, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, mo dà á lé kọfí nínú ìkòkò tí kò sí lórí iná, mo rò ó, mo sì dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo tún rò ó díẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè sílẹ̀, mo wá rọra fi aṣọ sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì. N kò sọ èwo ni èwo fún un. Èkejì ló mu tán, láìbu ṣúgà sí i.

Ọ̀nà aṣọ yìí kì í ṣe àdábọwọ́ ẹni tí kò ní ẹ̀rọ. Ní Bùràsíìlì àti Kúbà, àpò aṣọ tí wọ́n rán mọ́ òrùka wáyà ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń sẹ́ kọfí láti ayébáyé.

Bí wọ́n ṣe lọ̀ ọ́ ló máa ń da èyí rú jù. Bí ó bá kúnná bí èlùbọ́, yóò dí ojú aṣọ, kọfí yóò máa kán tótó, yóò sì korò. Kó rí bíi gaàrí ló dáa. Bí ó bá ṣàn tó sì kan lẹ́nu, kò tíì pẹ́ tó nínú omi, tàbí kí omi ti tutù jù.

Aṣọ tuntun, ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ nínú omi tó ń hó. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láé, torí yóò máa ta sínú kọfí. Omi gbígbóná lásán tó, kí ẹ sì sá a sínú oòrùn. Bí ó bá ti ń rùn bí òróró àtijọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.