Ọmọ ìyá kan náà, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kì í ṣe gbogbo ayé ló pín ènìyàn sí dúdú àti funfun

Ní ọdún 2005, Ronaldo, agbábọ́ọ̀lù Bùràsíìlì tí gbogbo wa mọ̀, sọ̀rọ̀ nípa èébú tí àwọn òǹwòran ń bú àwọn agbábọ́ọ̀lù dúdú nínú pápá. Ó ní gbogbo dúdú ló ń jẹ nínú ìyà yẹn, ó sì ní òun tí òun jẹ́ funfun pàápàá, irú àìmọ̀kan bẹ́ẹ̀ ń dun òun.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí létí mi, inú sì ń bí wọn gidigidi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. "Ronaldo wo ló di òyìnbó? Ọmọ yẹn ti sẹ́ ìran ẹ̀." Èmi náà gbà pẹ̀lú wọn nígbà náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwa la kò gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ.

Ìgbàgbọ́ kan ló wà nídìí ìbínú ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé níbi gbogbo láyé, dúdú wà, funfun wà, inú ọ̀kan nínú méjèèjì ni wọ́n ń bí ènìyàn sí. Tí dúdú bá sì ti wọ ìran ẹnìkan, ì báà jẹ́ ìyá ìyá rẹ̀ àgbà, dúdú ni olúwarẹ̀ títí láé. A rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá ayé nìyẹn. Òfin Amẹ́ríkà ni. Ní 1924, ìpínlẹ̀ Fàjíníà kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé ẹni tí kò bá sí ẹ̀jẹ̀ ìran mìíràn lára rẹ̀ rárá nìkan ni funfun; àwọn tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ara àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà wà lára wọn nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Fíìmù àti ìròyìn ló gbé ìṣirò ẹ̀jẹ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní ilé wa gan-an, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá kan lè bí mẹ́ta, kí a máa pe ọ̀kan ní pupa, kí a máa ki èkejì ní adúmáadán, kí a ní apọ́nbéporé ni ẹ̀kẹta. Kò sí ẹni tó máa ní ìran wọn yàtọ̀ síra. Àwọ̀ là ń sọ, a kò sọ ìran. Ẹ mú èyí lọ́wọ́ dání, torí òun ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Bùràsíìlì yé wa.

Ní 1976, àjọ tó ń ṣètò ìkànìyàn ní Bùràsíìlì rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé àwọn ènìyàn káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n bi wọ́n pé kí ni àwọ̀ yín, wọn kò sì ka ìdáhùn kankan sílẹ̀ fún wọn. Ohun tó bá ti ẹnu oníkálukú jáde ni wọ́n kọ. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, orúkọ àwọ̀ bíi 135 ni wọ́n bá nínú ìwé. Ẹnìkan ní òun jẹ́ àwọ̀ kọfí tí wọ́n bu mílíìkì sí. Àwọn kan pe ara wọn ní àwọ̀ sínámónì, àwọn mìíràn ní àwọ̀ igbá, àwọ̀ bàbà, àwọ̀ àlìkámà. Àwọn kan jẹ́ funfun tí oòrùn ti pa, àwọn kan jẹ́ funfun tó dọ̀tí. Àní, ẹnìkan dáhùn pé òun jẹ́ àwọ̀ búlúù.

Àṣìṣe tí àwọn tó bá kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìwádìí yìí máa ń ṣe ni pé wọ́n á rò pé gbogbo ọmọ Bùràsíìlì ló ń lo orúkọ 135 lójoojúmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba orúkọ díẹ̀ ni púpọ̀ jù lọ nínú wọn dárúkọ, "bíránkà", ìyẹn funfun, àti "mọrẹ́nà" ló sì kó èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù jẹ́ ohun tí ènìyàn díẹ̀ péré sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo mọrẹ́nà fúnra rẹ̀. Funfun tó ní irun dúdú lè jẹ́ mọrẹ́nà. Ẹni tí àwa máa pè ní pupa lè jẹ́ mọrẹ́nà. Tí wọn kò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dun ẹni tó dú gan-an, mọrẹ́nà náà ni wọ́n máa pè é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó gba gbogbo wọn wọlé. Àwọn tó ń ka ènìyàn fún ìjọba kò fi í sínú fọ́ọ̀mù ìkànìyàn wọn rí, bẹ́ẹ̀ òun ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù lẹ́nu.

Nǹkan kejì tó yẹ ká mọ̀ ni pé ara nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Irun wà níbẹ̀, imú wà níbẹ̀, ètè náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ pọ́n, tí irun rẹ̀ pupa tàbí kó pọ́n bí àgbàdo, ṣùgbọ́n tí irun náà ta kókó bíi tiwa, "sarará" ni wọ́n ń pè é. Ẹ wá yí i padà: ẹni tó dú bí kóró iṣin, tí irun rẹ̀ gùn tó sì ń yọ̀ wálẹ̀ sí èjìká, "kábò-fẹ́dè" ni. Kò sí ibi tí a máa fi àwọn méjèèjì yìí sí lórí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ láti funfun tó parí sí dúdú. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi ń pọ̀ sí i, torí bí ara bá yí pẹ̀lú irun, orúkọ náà yóò yí.

Nígbà tó yá, mo ka ohun tí Marvin Harris rí, mo sì dúró kà á lẹ́ẹ̀mejì. Onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ni, ọmọ Amẹ́ríkà, ó sì ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ìpínlẹ̀ Bàhíà. Ní abúlé àwọn apẹja kan níbẹ̀, ó gbé fọ́tò obìnrin mẹ́ta kalẹ̀ níwájú ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni àwọn obìnrin náà, bàbá kan, ìyá kan. Àwọn tí wọ́n ń wo fọ́tò kì í ṣe àjèjì, aládùúgbò àti ojúlùmọ̀ ìdílé náà ni wọ́n, wọ́n mọ bàbá, wọ́n mọ ìyá. Ó bi wọ́n pé irú ènìyàn wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà péré nínú ọgọ́rùn-ún ló fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní orúkọ kan náà. Mẹ́rìnlá fún oníkálukú ní orúkọ tirẹ̀. Ní Fàjíníà, òfin ì bá ti kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpótí kan kí ẹnikẹ́ni tó wo ojú wọn.

Harris tún ṣe èyí tó gbòòrò sí i. Ó ya àwòrán ojú 72, ó ń yí àwọ̀ ara, irun, imú àti ètè wọn padà díẹ̀díẹ̀, ó sì kó wọn fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Orúkọ 492 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbà padà lọ́wọ́ wọn. Àwòrán kan náà, lágbájá á ní ó jẹ́ báyìí, tàmẹ̀dù á ní ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tó rò pé ẹnìkejì òun ṣìnà.

Bàhíà yìí kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí wa. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ ní ẹrú, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Nàgó. Àwọn tó padà wá sí Èkó lára wọn, tí wọ́n kọ́ ilé sí Pópó Àgùdà, inú wọn ni a ti rí dúdú, a rí pupa, Àgùdà ni a sì pe gbogbo wọn.

Ó wá ku irọ́ kejì, èyí tí mo rò pé ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan ti gbọ́ gbogbo èyí, wọ́n wá ní: "Ẹ rí i? Níwọ̀n ìgbà tí àwọ̀ pọ̀ báyìí, kò lè sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Bùràsíìlì." Oracy Nogueira, onímọ̀ àwùjọ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, ti fèsì sí èyí láti 1954. Ó ní oríṣi ìkórìíra méjì ló wà. Ti Amẹ́ríkà ń bi ọ́ léèrè pé ta ló bí ọ. Ti Bùràsíìlì ń wo ojú rẹ. Ìkórìíra ni méjèèjì. Ti èkejì kàn ń díwọ̀n ni: bí ara bá ṣe dú tó, tí irun bá ṣe ta kókó tó, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣe ń tì tó. Òun ló sì fà á tí kò fi sí ẹni tó fẹ́ jókòó síbi tí àwọ̀ ti parí. Bí àwọn ènìyàn bá ń sá fún "pírẹ́tà", ìyẹn dúdú, tí wọ́n ń wá sínámónì àti mọrẹ́nà, ohun kan ló ń lé wọn.

Owó náà máa ń wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ pé owó a máa sọ ènìyàn di funfun. Ẹ wá rántí Ronaldo: ara rẹ̀ kò dú, orí rẹ̀ ni ó ń fá, owó rẹ̀ kò lóǹkà. Lójú àwọn kan lára ọmọ ìlú rẹ̀, kò purọ́, kò sì sẹ́ ìran kankan. Àwọ̀ ló sọ. Ohun tí mo lè bá a jà sí ni pé òun kò wo ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu òun.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn dúdú níbẹ̀ fi jà fún àpótí tó ṣe kedere. Fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ní márùn-ún láti 1991: bíránkà, páàdò, pírẹ́tà, ọmọ Ìlà-Oòrùn Éṣíà, àti ọmọ onílẹ̀. Páàdò ni àwọn tí àwọ̀ wọn wà láàárín. Ní 2022, wọ́n tó ìdá 45.3 nínú ọgọ́rùn-ún, bíránkà jẹ́ 43.5, pírẹ́tà sì jẹ́ 10.2. Òfin kan ní 2010 so páàdò àti pírẹ́tà pọ̀, ó ní dúdú ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ni òfin 2012 ya àyè sọ́tọ̀ fún wọn ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ pé ẹnìkan jẹ́ dúdú, níbi tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kì í ti jẹ́ àwọ̀ kan náà? Yunifásítì Bùràsílíà ti bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ṣáájú òfin, ìgbìmọ̀ kan sì ń yẹ fọ́tò àwọn ọmọ wò. Ní 2007, ìbejì méjì tí wọ́n jọra bí ìmumu fi orúkọ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà gba ọ̀kan ní dúdú, wọ́n ní èkejì kì í ṣe dúdú. Ẹyin kan náà ló bí wọn. Wọ́n padà gba èkejì nígbà tó pe ẹjọ́, yunifásítì náà sì pa ètò fọ́tò tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ní 2018, ìjọba gbé ìlànà jáde fún àwọn ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àwọn tó ń wá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wò. Ara, irun àti ojú ni kí wọ́n máa wò, bí olúwarẹ̀ ṣe dúró níwájú wọn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá mú fọ́tò àtijọ́ tàbí ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wá, wọn kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.