Ẹ yé sọ fún ẹni tó ń lọ ìntáfíù pé kó fara balẹ̀

Èrò ọkàn tèmi ni o. Tí ẹ̀rù ìntáfíù bá ń ba èèyàn, "fara balẹ̀ jàre, kò sí nǹkan kan" la máa ń sọ fún un. Ìfẹ́ la fi ń sọ ọ́, àmọ́ mi ò rò pé ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, torí àyà tó ti ń lù kìkìkì, kì í gbọ́ àṣẹ, ẹni yẹn á gbìyànjú títí kára ẹ̀ balẹ̀, tí kò bá wá balẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé òun ń bẹ̀rù.

Adrenalínì tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á, òun ló ń mú ọkàn sáré, tí ọwọ́ ń gbọ̀n. Ọkàn ẹ á sáré báyẹn náà tó o bá ń dúró de ẹni tó o ti ń retí tipẹ́tipẹ́, àmọ́ ayọ̀ lo máa pe ìyẹn, o ò ní pè é ní ẹ̀rù. Obìnrin kan ní Yunifásítì Harvard, Alison Wood Brooks, dán èyí wò, ó sì gbé e jáde ní 2014: kí àwọn èèyàn tó sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ, ó ní káwọn kan sọ pé ara àwọn balẹ̀, káwọn kan sọ pé ara àwọn ti yá gágá. Àwọn tó sọ pé ara àwọn ti yá gágá ló sọ̀rọ̀ dáadáa jù. Ó tún dán an wò fáwọn tó fẹ́ kọrin, ọkàn wọn ṣì ń sáré o, síbẹ̀ wọ́n ṣe dáadáa.

Ọmọ àǹtí mi kan ní Ìgbógbó, nílẹ̀ Ìkòròdú níbí, wọ́n pè é fún ìntáfíù iṣẹ́ olùtọ́jú ọjà ní Ìkẹjà, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rù ń bà mí, gbogbo nǹkan ti ń sá lọ lórí mi." Mo ní kó sọ ìdáhùn "sọ fún wa nípa ara ẹ" sókè kí n gbọ́. Ó ti há a sórí látòkè délẹ̀. Mo kàn dá a dúró lẹ́ẹ̀kan láti bi í ní nǹkan, àfi bó ṣe padà lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti máa ń bà jẹ́ gan-an nìyẹn, torí tí ọ̀rọ̀ kan bá ti sọ nù lẹ́nu ẹni tó há a sórí, ìyókù tẹ̀ lé e lọ.

A wá fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré sórí ìwé: ilé ìwé, iṣẹ́ tó ti ṣe, ìṣòro kan tó yanjú, ìdí tó fi fẹ́ iṣẹ́ yìí. Ìṣòro tó mú ni pé níbi tó ti ṣiṣẹ́ rí, iye ọjà inú ìwé àti èyí tó wà nínú sítọ́ọ̀ kì í bára mu, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjà ní gbogbo Sátidé dípò ìparí oṣù, ó wá rí i pé ọjà táwọn oníbàárà dá padà ni wọn kì í kọ sílẹ̀. Ìtàn tiẹ̀ ni, kò sí bó ṣe fẹ́ gbàgbé ẹ̀. Ó sọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀mẹta, kò jọra lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Aṣọ àti sátífíkéètì, alẹ́ la ti tò ó sílẹ̀.

Láàárọ̀ ó tètè jáde torí góósìló Máìlì 12. Inú bọ́ọ̀sì BRT, mo ti ní kó má ka nǹkan tuntun kankan, kó kàn máa mí: kó fimú fa atẹ́gùn sínú dé ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kó rọra fẹnu tú u jáde dé ẹ̀fà, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Títú jáde yẹn ló gbọ́dọ̀ gùn jù, torí ìgbà téèyàn bá ń mí síta ni ọkàn máa ń rọra dẹwọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á máa fa atẹ́gùn ńlá ńlá kíákíá, kábọ́nì dayọ́sáìdì á wá jáde jù lára, ojú á máa ṣú wọn, ìka á máa ta wọ́n jìnnìjìnnì, wọ́n á rò pé ẹ̀rù ló ń pọ̀ sí i. Gbé ọwọ́ lé ikùn: tí èjìká bá ń gòkè tí ikùn ò mira, o ò ṣe é dáadáa nìyẹn. Tójú bá ń ṣú ẹ, fi sílẹ̀, máa mí bó o ṣe máa ń mí.

Lẹ́nu ọ̀nà ló wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ara mi ti yá, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ fún wọn." Ohùn ẹ̀ gbọ̀n níbẹ̀rẹ̀, ó ní nígbà tóun dé orí ìtàn ọjà tóun ń kà ní Sátidé yẹn, òun ò rántí mọ́ pé ohùn òun ń gbọ̀n. Wọ́n bi í ní ìbéèrè kan tó le, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n ronú díẹ̀," ó mí síta, ó dáhùn.

Gbogbo èyí kò lè fún ẹ ní ohun tó ò mọ̀ o. Tó bá sì jẹ́ pé àyà ẹ máa ń já báyẹn láìsí ìntáfíù kankan, tàbí tí ò jẹ́ kó o lè jáde nílé, lọ rí dókítà, ìyẹn kọjá mímí.