0.41 kì í ṣe ti gbogbo àjà

"Ilé alájà 20 ni, fúláàtì 40. Mo lo ìdá 0.41 láti dín ẹrù iná gbogbo fúláàtì kù láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àdínkù fólítì sì wà nínú òdiwọ̀n."

Ẹ̀gbọ́n, ìsàlẹ̀ nìkan ni 0.41 ti tọ̀nà. Ìdílé 40 kì í tan ààrò wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí a fi ń dín ẹrù kù. Ṣùgbọ́n ìdílé méjì tó wà lókè pátápátá lè tan tiwọn pọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ìlànà NF C 14-100 ti ilẹ̀ Faransé fún fúláàtì 40 ní 0.41, ó fún 10 ní 0.63, ó sì fún 4 ní 1.

Ká ní kílówáàtì 10 ni fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ bọ́sìbáà, ìyẹn ọ̀pá bàbà tó ń gbé iná gòkè, ń gbé 164, ìyẹn dára. Níbi tó ti ku àjà méjì lókè, 40 ló ń gbé, kì í ṣe 16.4. Bí ẹ bá ti fi 16.4 yan bọ́sìbáà tó tín-ín-rín fún òkè, ewu ni.

Ẹ ṣírò àdínkù fólítì ní àjà kọ̀ọ̀kan: ẹ ka fúláàtì tó kù lókè ibẹ̀, ẹ lo ìdá tiwọn, kí ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àjà bá ga bákan náà, tí bọ́sìbáà kò sì yí ìwọ̀n padà, àdínkù tó dé òkè á fi bíi 19% ju tiyín lọ. Ẹni tó bá sì gbé 164 dé òkè pátápátá á rí iye tó fi bíi 60% ju èyí tó tọ́ lọ, á wá ra bàbà tí kò nílò.