Iye ọmọ kò fi kún owó tí ọkọ gbọ́dọ̀ máa pa

"Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń fi kún owó tí ọkọ gbọ́dọ̀ máa pa ní Ìlú Ọba kí ìyàwó tó lọ bá a."

Ẹ̀gbọ́n, òfin àtijọ́ nìyẹn: £18,600 fún ìyàwó, £3,800 fún ọmọ kìíní, £2,400 fún èyí tó tẹ̀lé e. Àwọn tó ti kọ́kọ́ béèrè fún físà ọkọ tàbí aya ṣáájú ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2024 nìkan ló ṣì wà fún. Láti ọjọ́ náà, £29,000 lọ́dún ni, kí wọ́n tó yọ owó orí, iye yòówù kí ọmọ jẹ́.

Àbúrò mi ní Kàbà bí méjì. £29,000 náà ni tiwọn. Ohun tó bà á nínú jẹ́ ni pé èrè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú ọjà kò wọ ìṣirò. Owó iṣẹ́ ọkọ ni wọ́n ń wò: ìwé owó oṣù mẹ́fà láti ibi iṣẹ́ kan náà, pẹ̀lú ìwé báǹkì tó fi hàn pé owó náà wọlé lóòótọ́.